Bí A Ṣe Ń Kọ Bíríìjì àti Bí A Ṣe Ń Gbé Kíì Sókè Kí Ègbè Ìkẹyìn Orin Ìjọsìn Lè Dé Góńgó

Ohun tí a sábà máa ń rí ní ọjọ́ Àìkú ni pé ẹgbẹ́ akọrin yóò kọ ẹsẹ méjì àti ègbè dáadáa, wọn yóò wọ inú bíríìjì, oníkíbọ́ọ̀dù yóò gbé kíì sókè, ìlù yóò bú jáde, síbẹ̀ ìjọ kò ní bá wọn lọ. Àwọn kan yóò dákẹ́ nítorí pé orin ti ga ju ọ̀fun wọn lọ. Àwọn mìíràn yóò máa wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ títí ìlà àkọ́kọ́ ègbè yóò fi kọjá lọ, àwọn tó kù kò sì ní mọ̀ rárá pé nǹkan kan yí padà. Adarí orin yóò wá máa pariwo sínú máíìkì pé, “Ẹ gbé e sókè!”, bẹ́ẹ̀ ìjọ kọ́ ló jẹ̀bi, inú orin náà gan-an ni àbùkù wà.

Kíì tí a gbé sókè kì í dá mú orin dé góńgó. Àwọn ohun tí bíríìjì ti fi pa mọ́ fún ìjọ fún bí ìṣẹ́jú kan ló ń mú un débẹ̀, tí ègbè ìkẹyìn yóò wá kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun mẹ́ta ni: kọ́ọ̀dù ilé, ohùn tó ga jù lọ nínú orin, àti ìlù kíkún. Bíríìjì tí mo ń wí ni apá tó wà láàárín ègbè kejì àti ègbè ìkẹyìn, tí ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ohùn tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù ilé sì ni kọ́ọ̀dù tí orin ń padà sí láti sinmi. Bí a bá wà ní kíì F, F ni.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, a ó fi ègbè kékeré kan tí mo kọ fún ìtọ́sọ́nà yìí ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíì F ni ó wà, ó ń lọ ní 72 BPM, ìyẹn kíkà méjìléláàádọ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan, báà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kíkà mẹ́rin. Sọ́fà rẹ̀ nìyí, ìyẹn dò-rè-mí rẹ̀ tí a fi lẹ́tà kọ. Àmì ìdánudúró kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ń fi hàn pé ohùn náà wà ní ìsàlẹ̀ d:

```
Ọ-ba tó dá wa sí      m  m  s  s  m  s
a wá dú-pẹ́            r  f  f  m
Ẹ̀-mí wa kò bọ́         d  f  r  d  m
a wá dú-pẹ́            t, r  r  d
```

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò kíbọ́ọ̀dù kan, ẹni tí yóò ta gìtá béèsì, fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ègbè yín tí a kọ sórí ìwé pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Ẹ má ṣe fo àmì ohùn yẹn, nítorí ìpele kẹta kò ní ṣeé ṣe láìsí i. Bí ẹ bá ní onígángan, ẹ pè é wá. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wá ọmọ ìjọ mẹ́ta tí wọn kì í ṣe akọrin, ó kéré tán ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni òṣùwọ̀n yín. Akọrin lè kọ ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, nítorí náà kò lè sọ òótọ́ fún yín nípa ìjọ.

Ìpele kìíní: Ẹ wá òrùlé ohùn ìjọ, kí ẹ sì ka kíì sẹ́yìn láti ibẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yan kíì tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì wá gbé e sókè nígbà tó bá yá. Òdìkejì rẹ̀ ló tọ́. Kíì ègbè ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ sì rìn padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́ta yẹn kọ ègbè yín pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù nìkan, kí ẹ máa gbé e sókè ní ààbọ̀ ohùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn láti bọ́tìnnì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Ẹ máa wo àgbọ̀n wọn. Nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbọ̀n sókè láti lè mú ohùn kan, tàbí tí ó bá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tí ó sì ń ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀, ó ti kọjá òrùlé rẹ̀. Nínú ìjọ tí ọkùnrin, obìnrin àti àgbà ti pọ̀ mọ́ra, D ni mo sábà máa ń fi ṣe òrùlé: ẹ ka láti C tí ó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù dé C tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi odidi ohùn kan kún un. Àwọn ọkùnrin yóò kọ D kan náà ní ìsàlẹ̀ tiwọn. Fún ìjọsìn òwúrọ̀ kùtù, tí ọ̀fun kò tíì jí, mo máa ń yọ ààbọ̀ ohùn kan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wo ègbè wa. Ohùn tó ga jù nínú rẹ̀ ni s, tí ó bọ́ sórí “tó dá” àti “sí”. Bí s yóò bá jẹ́ D nínú ègbè ìkẹyìn, a jẹ́ pé kíì G ni ègbè ìkẹyìn. Odidi ohùn kan ni a fẹ́ fi gbé e sókè, nítorí náà F ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí s ti jẹ́ C. Ká ní l ni ohùn tó ga jù nínú ègbè, tí a sì bẹ̀rẹ̀ ní F, l yóò ti kan òrùlé ní ègbè àkọ́kọ́, nígbà tí a bá sì fi máa dé G, yóò ti di E. Irú orin bẹ́ẹ̀, E♭ ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó parí sí F.

Ibi tí a ti sábà máa ń ṣìnà: a ń fi ohùn adarí orin yan kíì. Bí adarí orin yín bá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí ohùn rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ, ìjọ yóò di èrò ìwòran.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí àwọn mẹ́ta náà kọ ègbè ní kíì ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lératẹ̀léra, láìsí ìlù tí yóò bo àṣìṣe wọn. Bí wọ́n bá ṣì mú “sí” yẹn dáadáa ní ẹ̀ẹ̀kejì, òrùlé yín dúró.

Ìpele kejì: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíríìjì gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tí ègbè yóò dáhùn

Ègbè tí ìjọ ti kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àfi bí ohun kan bá ti mú kí wọ́n tún nílò rẹ̀. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni pé kí bíríìjì béèrè ohun kan tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ègbè ni ìdáhùn rẹ̀. Ègbè wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ọba tó dá wa sí”. Ìbéèrè tí èyí ń dáhùn kò ṣòro láti rí:

```
Ta ló ṣe é?
Ta ló gbé wa dìde?
Ta ló mú wa là á já?
```

Ìlà mẹ́ta péré. Ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí yóò ti mọ̀ ọ́n kọ kí wọ́n tó tún un kọ. Ẹ má ṣe kó ẹ̀kọ́ tuntun tàbí ìtàn inú Bíbélì wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ẹsẹ ni ìyẹn. Ẹ má sì lo ọ̀rọ̀ pàtàkì inú ègbè nínú bíríìjì: ní àpẹẹrẹ wa, “Ọba” àti “dúpẹ́” kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, kí wọ́n lè dún bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nígbà tí wọ́n bá dé.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Orí rẹ̀ ni ìjọ yóò dúró lé nígbà tí kíì bá ń yí lábẹ́ wọn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn òkè, kí fáwẹ́lì rẹ̀ sì ya ẹnu sílẹ̀. “Já” dára fún èyí. Ká ní “tirẹ̀” la fi parí, ohùn rẹ̀ yóò máa wálẹ̀ nígbà tí a fẹ́ kó gòkè. Ká sì ní “ikún” ni, imú ni gbogbo ìjọ yóò fi kọ ọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ìlà kẹta fún ẹnì kan, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ dáhùn, tí ìdáhùn rẹ̀ sì bá ìbẹ̀rẹ̀ ègbè mu ní ìtumọ̀, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìpele kẹta: Ẹ jẹ́ kí ohùn gòkè láti ìlà dé ìlà, kì í ṣe láàárín ọ̀rọ̀

Níbí ni èdè Yorùbá ti ń dá wa dúró, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ orin ní èdè tí kò ní ohùn lè gbé ìlà kan gun àkàbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè bó bá ṣe wù ú. Bí àwa bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ wo “là á já”: ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí “là”. Bí ẹ bá sáré gbé e sókè nítorí pé ẹ fẹ́ kí orin gbóná, “lá” ni ìjọ yóò gbọ́, ìyẹn ohun tí ajá ń ṣe sí àwo. Gbogbo ẹni tó ti kọ orin ìyìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn òyìnbó mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fi dò-rè-mí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbé ìlà náà lódindi sókè díẹ̀ ju èyí tó ṣíwájú rẹ̀ lọ. “Ta” ló bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà “Ta” ni a ó máa gbé gun àkàbà:

```
Ta ló ṣe é            l, d  l, d              Bb
Ta ló gbé wa dì-de    t, r  r  t, s, t,       C
Ta ló mú wa là á já   d  m  m  d  l, m  m     Dm
```

“Ta” àkọ́kọ́ wà lórí D, èkejì lórí E, ẹ̀kẹta lórí F. Ìgòkè náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n etí ń kà á. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé “là” wà ní ìsàlẹ̀ “wa”, “wa” wà ní ìsàlẹ̀ “mú”, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Ibi tó ga jù nínú bíríìjì ni m, ìyẹn A. A kò fọwọ́ kan s rárá. Ohùn tó ga jù nínú orin ni a fi pa mọ́ yẹn.

Ibi tí a ti sábà máa ń ṣìnà: a ń kọ bíríìjì tó ga ju ègbè lọ, nítorí pé a rò pé ariwo ni ìgòkè. Bí ìjọ bá ti kígbe dé òrùlé nínú bíríìjì, ègbè ìkẹyìn yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kódà bí ẹ gbé kíì sókè ní odidi ohùn méjì.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí onígángan fi ìlù sọ ìlà kẹta láìsí ẹnikẹ́ni tó ń kọrin, tàbí kí ẹ fi imú kùn ún fún ẹni tó ti ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ohùn yín bá ọ̀rọ̀ mu. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni òun gbọ́, ohùn ni kí ẹ tún ṣe, kì í ṣe etí ẹni náà.

Ìpele kẹrin: Ẹ má ṣe délé

Ẹ wo àwọn kọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà wọ̀nyẹn: B♭, C, Dm. Báà méjì-méjì ni fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Báà méjì tó kù, tí ẹnikẹ́ni kò kọrin, C ni a ó fi sí i, a ó sì padà sí B♭ láti tún bẹ̀rẹ̀. Báà mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. F kò sí níbẹ̀. C lẹ́yìn Dm ń mú kí etí retí F, ṣùgbọ́n B♭ ni a ń fún un. Bí a bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní 72 BPM, ìṣẹ́jú àáyá 80 ni ìjọ yóò fi wà lójú ọ̀nà láìdélé. Ìyẹn tó. Mo ti gbọ́ bíríìjì tí wọ́n tún kọ nígbà mẹ́wàá. Kí wọ́n tó dé ìkeje, àwọn ènìyàn ti jókòó.

Oníkíbọ́ọ̀dù ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀ níbí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn láti máa fi kọ́ọ̀dù kéékèèké ṣe ẹ̀ṣọ́ láàárín C àti ibi tó ń lọ, ó sì rọrùn kó fọwọ́ kan F láìmọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fi bíríìjì sílẹ̀ ní ìhòòhò, kó dúró lórí C títí B♭ yóò fi dé. Ẹ sọ fún onígìtá béèsì náà pé B♭, C, D nìkan ni ìka òun gbọ́dọ̀ tẹ̀, nítorí pé F tí ó bá yọ nínú béèsì nìkan ti tó láti tú àṣírí.

Àyẹ̀wò: ẹ dá bíríìjì dúró lójijì lẹ́yìn C, kí ẹ bi ara yín bóyá orin lè parí síbẹ̀. Bí ó bá dún bí ẹni tí gbólóhùn já mọ́ lẹ́nu, ẹ ti ṣe é dáadáa.

Ìpele karùn-ún: Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sínú kíì tuntun

Ìpele yìí ló ń ya ìgòkè tó dán mọ́rán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn fò. Kíì tuntun gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn, ìjọ sì gbọ́dọ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn náà kọjá pẹ̀lú ohùn tí ó ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Kọ́ọ̀dù tí ń ṣílẹ̀kùn sí G ni D7. Oore tó wà nínú bíríìjì wa ni pé Dm ni ìlà kẹta parí sí, Dm àti D7 sì jẹ́ aládùúgbò.

Ẹ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ ṣe é báyìí. Ọwọ́ òsì wà lórí D. Ọwọ́ ọ̀tún mú Dm láti ìsàlẹ̀ sókè: D, F, A, kí A wà lókè pátápátá. Ìjọ ń kọ “já” lórí A yìí. Nígbà tí báà keje bá dé ní ìgbà kẹta tí ẹ ń kọ bíríìjì, ẹ má lọ sí C mọ́. Ẹ jẹ́ kí A dúró láìmira, kí F gòkè sí F♯, kí D ọwọ́ ọ̀tún sọ̀ sí C. D7 nìyẹn. F♯ kò sí nínú kíì F, òun ni àlejò tí etí yóò rí tí yóò sì mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn tó wà lẹ́nu ìjọ kò yí padà rárá.

Ẹ rántí pé A yìí kan náà ni ìjọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ègbè láti àárọ̀: “Ọba” wà lórí m, m nínú F sì jẹ́ A. Nínú G, A ti di r, m sì jẹ́ B tí ó wà lókè rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tí ìjọ ní láti ṣe ni kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan láti ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń ka sọ́fà mọ bí a ṣe ń kọ èyí: m kékeré lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ r ńlá, ohùn kan tí ó ní orúkọ méjì.

```
báà:   5-6         7         8           1 (G)
       Dm          D7        D7          G
ìjọ:   ...là á já  já (A)    mí          Ọ-ba (B)
```

Ní báà kẹjọ ìjọ yóò dákẹ́ láti mí, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù yóò fi A sílẹ̀ lókè kí etí má baà gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí G bá dé, ọwọ́ ọ̀tún yóò gòkè lẹ́ẹ̀kan náà sí D, G, B, béèsì yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti D sí G ìsàlẹ̀. Orin ń gòkè, béèsì ń rì. Àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni àyà àwọn ènìyàn ń gbọ́.

Bí òrùlé ìjọ yín kò bá gba odidi ohùn, tí ẹ sì ní láti fi ààbọ̀ ohùn lọ láti F sí G♭, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni D♭7, ohùn tó wọ́pọ̀ láàárín méjèèjì ni F, kì í ṣe A. Ẹ ó ní láti tún ìparí bíríìjì kọ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lè bọ́ sórí F. Mo máa ń yẹra fún un, nítorí pé bọ́tìnnì dúdú pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn yẹn ni wọ́n sì máa ń sá tọ TRANSPOSE lọ, bọ́tìnnì tí ń yí kíì kíbọ́ọ̀dù padà láìjẹ́ pé ìka kúrò níbi tó wà. Mo ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní ìsìn ìdúpẹ́ kan, èmi ni mo wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Mo tẹ TRANSPOSE sí +2 bí bíríìjì ṣe parí, ọwọ́ mi ṣì ń tẹ ìrísí F, kíbọ́ọ̀dù sì ń dún ní G. Onígìtá béèsì wo ọwọ́ mi, ó rí F, ó ta F. Odindi ìlà kan ni a fi kọrin nínú kíì méjì kí ó tó rí ojú mi. TRANSPOSE ń gbé kíbọ́ọ̀dù nìkan, kò mọ béèsì, kò mọ fèrè, kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ẹ kọ́ ègbè yín ní G pẹ̀lú ìka. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni.

Àyẹ̀wò: ẹ pe àwọn ọmọ ìjọ mẹ́ta wọ̀nyẹn padà. Ẹ kọ ìlà kẹta fún wọn, ẹ ta Dm, ẹ ta D7, kí ẹ sì dákẹ́ pátápátá. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ègbè fúnra wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lórí B láìsí ìrànlọ́wọ́, ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lórí A, a jẹ́ pé wọn kò gbọ́ F♯: ẹ tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀, tàbí kí ẹ fi D7 sílẹ̀ pẹ́ sí i. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí kíbọ́ọ̀dù ti fi ohùn mìíràn sókè A. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìpele kẹfà: Ẹ kó ìlù jáde, kí ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń kọ bíríìjì, kíbọ́ọ̀dù àti béèsì nìkan. Ìlù òyìnbó kò gbọ́dọ̀ dún rárá. Èyí máa ń nira fún onílùú ju ohunkóhun lọ, ẹ sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nígbà kejì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àkúbà yóò wọlé jẹ́jẹ́. Nígbà kẹta, onílùú òyìnbó yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù ńlá rẹ̀, láìfọwọ́ kan páànù onídẹ, yóò máa nípọn sí i títí dé báà keje.

Ní báà kẹjọ, gbogbo ìlù yóò dákẹ́, àfi gángan. Láàárín kíkà mẹ́ta, gángan yóò fi ìlù sọ ọ́ pé “Ta ló mú wa là á já?” Nítorí pé ohùn bíríìjì bá ọ̀rọ̀ mu, tí ìjọ sì ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìlù. Onígángan kò sì nílò láti mọ kíì kankan. Òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń wò, ọsán rẹ̀ ni yóò fún. Kíkà kẹrin yóò dákẹ́ pátápátá, ìlù, kíbọ́ọ̀dù àti ẹnu. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé yóò mí. Kíkà tó tẹ̀ lé e ni “Ọ” tó bẹ̀rẹ̀ “Ọba”, pẹ̀lú páànù onídẹ àti gbogbo ìlù.

Ibi tí a ti sábà máa ń ṣìnà: adarí orin ń sọ̀rọ̀ sínú kíkà kẹrin yẹn. “Ẹ kọ ọ́ sókè!”, “Ọba!”, “Ṣé ẹ ti ṣe tán?” Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọwọ́ júwe, kó sì mí sókè kí wọ́n lè rí èjìká rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gba ìdánrawò náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi BPM wọn ìbẹ̀rẹ̀ bíríìjì àti ègbè ìkẹyìn. Bí ẹ bá rí 72 níbẹ̀ àti 78 níbí, onílùú ti fi ìyára rọ́pò agbára. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ka kíkà sí i létí.

Ìpele keje: Ègbè ìkẹyìn fúnra rẹ̀

Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kìíní, kí gbogbo akọrin obìnrin tó ní ohùn òkè kọ ohùn orin gan-an pẹ̀lú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀ṣọ́ kankan sókè rẹ̀. Ohùn tí ìjọ ń wá nínú kíì tuntun ni ohùn orin. Bí ẹlòmíràn bá ń fò lókè rẹ̀, òun ni wọn yóò tẹ̀ lé, wọn yóò sì sọnù. Ẹ̀ṣọ́ lè wá ní ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣe tún gbé kíì sókè mọ́: D ni òrùlé, a sì ti wà níbẹ̀.

Ẹ gbé fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀ sórí àga tó wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn tó máa ń pẹ́ dé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Ọba” tó ṣíwájú ègbè ìkẹyìn. Bí ohùn àwọn ará ẹ̀yìn bá wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ “a wá dúpẹ́” ni wọ́n tó wọlé, ìpele karùn-ún ni kí ẹ padà sí. Bí wọ́n bá wọlé dáadáa, tí wọ́n sì dákẹ́ ní “sí”, ìpele kìíní ni. Àwọn méjèèjì ní ojútùú tó yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹ tó gbọ́ ọ.